Ojú Ìwé Kan fún Agbára: Bí A Ṣe Ń Tún Fọ́múlà PHY 101 Tò

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa bi àwọn ọmọ tó bá ti yunifásítì wálé sí Agbamu fún ìsinmi. Ẹ gbé réèmù kẹ̀kẹ́ ológeere kan sí orí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, irú èyí tó pọ̀ ní agbègbè wa yìí, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀ kó máa yí lọ. Ibi tí ẹ ti jọ̀wọ́ rẹ̀ fi mítà 1.4 ga ju ìsàlẹ̀ lọ. Báwo ni eré rẹ̀ ṣe pọ̀ tó nígbà tó bá dé ìsàlẹ̀? Wọn á ṣí nóòtì wọn, ọwọ́ wọn á sì dúró ní àwọn ojú ìwé àkọ́kọ́, níbi tí v² = u² + 2as wà. Wọn á ṣírò rẹ̀ dáadáa, wọn á fi 10 ṣe g, wọn á sì sọ pé 5.3 m/s ni. Ìṣirò náà kò ní àléébù kankan, àmọ́ ìdáhùn náà kò tọ̀nà. Tí a bá gbà pé etí réèmù ni gbogbo ìwúwo rẹ̀ wà, 3.7 m/s ni.

Àwọn ọmọ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, ohun tó yẹ kí wọ́n fi rí ìdáhùn náà sì wà nínú nóòtì ọwọ́ wọn. Ibi tí ó wà ni wàhálà. Ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta ni olùkọ́ kọ́ wọn ní bí nǹkan ṣe ń rìn. Nígbà tí sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ dé ìdajì ni ó kọ́ wọn ní iṣẹ́ àti agbára. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdánwò kó tó kan nǹkan tó ń yí. Réèmù tó ń yí lọ sí ìsàlẹ̀ òkè nílò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n nínú nóòtì, ogójì ojú ìwé ló wà láàárín wọn.

Ìlànà ẹ̀kọ́ tí àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn yunifásítì gbé kalẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà ni ó pe kọ́ọ̀sì yìí ní PHY 101, bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá tilẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ọmọ Agbamu tó wọ Yunifásítì Landmark ní Òmù-Àrán nítòsí wa níbí, àti èyí tó lọ sí Yunifásítì Ìlọrin, ohun kan náà ni wọ́n máa bá pàdé ní ọdún àkọ́kọ́ bí wọ́n bá ń kọ́ sáyẹ́ǹsì tàbí iṣẹ́ ẹnjiníà. Ìwọ̀n àti yúníìtì ló ṣáájú, lẹ́yìn náà ìrìn, òfin Newton, mòméńtọ́ọ̀mù, iṣẹ́ àti agbára, yíyí, kí wọ́n tó fi òòfà ilẹ̀, àwọn òfin Kepler àti eré tí nǹkan nílò láti bọ́ lọ́wọ́ ayé parí rẹ̀. Ètò náà dára fún ẹni tó ń kọ́ni, nítorí pé kò sí bí èèyàn ṣe lè ṣàlàyé agbára fún ẹni tí kò tíì mọ ìyára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ìdánwò kì í sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ọ̀sẹ̀ kẹfà ni mo ti wá. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kó fọ́múlà jọ sí ojú ìwé díẹ̀, tó sì ń tò wọ́n bí olùkọ́ ṣe kọ wọ́n sójú pátákó, nóòtì rẹ̀ ni ó kàn tún kọ ní kékeré.

Ìwádìí gidi wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1981, Michelene Chi, Paul Feltovich àti Robert Glaser ní Yunifásítì Pittsburgh ní Amẹ́ríkà gbé ìbéèrè físíìsì 24 jáde, láti inú ìwé Halliday àti Resnick tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ wa náà fi kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n kó o fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé, wọ́n sì kó o fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka físíìsì fún sáà kan. Wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni ṣírò ohunkóhun. Wọ́n kàn ní kí wọ́n pín àwọn ìbéèrè náà sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kó gbogbo ìbéèrè tó ní sípíríǹgì pọ̀, wọ́n kó gbogbo èyí tó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pọ̀. Àwọn tó ti jinlẹ̀ fi ìbéèrè sípíríǹgì kan àti ìbéèrè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan sí ojú kan náà, nítorí pé òfin agbára ló máa tú méjèèjì. Ohun tí ojú rí ni àwọn ti àkọ́kọ́ wò, àwọn tó kù sì wo òfin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìwé àkójọ fọ́múlà tí mò ń sọ níbí yìí jẹ́ ọ̀nà láti fi ọwọ́ ara ẹni ṣe irú ìpín kejì yẹn lórí nóòtì ara ẹni.

Bí mo ṣe máa ń ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rèé. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gé pépà sí wẹ́wẹ́, kí ó sì ka nóòtì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fọ́múlà kọ̀ọ̀kan tó bá bá pàdé, kí ó kọ ọ́ sórí pépà kékeré tirẹ̀. Ní ẹ̀yìn pépà náà, kí ó kọ nǹkan méjì péré: nọ́ńbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ti wá, àti ìgbà tí fọ́múlà náà ń ṣiṣẹ́. Èyí èkejì yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Olùkọ́ á ti sọ ọ́ lẹ́nu pé "tí ìyára bá ń pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà", àmọ́ kì í sábà wọ inú nóòtì, tàbí kí ó wọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí gbólóhùn lásán tí ojú ń kọjá lórí rẹ̀. Bí kò bá sí nínú nóòtì, kí ó wá a nínú ìwé kó tó lọ síwájú. Fọ́múlà tí a kò mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ ló máa ń ṣi èèyàn lọ́nà jù, nítorí pé ó máa ń fúnni ní nọ́ńbà tó jọ òótọ́.

Nígbà tí gbogbo pépà náà bá ti wà nílẹ̀, ẹ má ṣe tò ó ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ni PHY 101 ń bi èèyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àkọ́kọ́: báwo ni nǹkan yìí ṣe ń rìn, láìka ohun tó ń tì í sí? Èkejì: kí ló ń tì í tàbí tó ń fà á? Ẹ̀kẹta: kí ni kò yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí? Abẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí pépà kọ̀ọ̀kan lọ. Ibí yìí ni ohun ìyàlẹ́nu ti máa ń ṣẹlẹ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé àwọn àkòrí kan nínú nóòtì rẹ̀ á túká. Òòfà ilẹ̀ tó gba odidi ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ olùkọ́ kò ní yàrá tirẹ̀ mọ́. GMm/r² jẹ́ ipá, ó lọ sábẹ́ ìbéèrè kejì. −GMm/r jẹ́ agbára, ó lọ sábẹ́ ìkẹta. Òfin Kepler tó so àkókò ìyípo mọ́ bí nǹkan ṣe jìnnà sí oòrùn kò tilẹ̀ nílò pépà tirẹ̀: ẹni tó bá fi GMm/r² ṣe dọ́gba pẹ̀lú mv²/r, tó sì rántí pé v jẹ́ 2πr/T, á rí i fúnra rẹ̀ láàárín ìlà mẹ́ta. Sípíríǹgì náà á pín sí méjì, kx sí abẹ́ ipá, ½kx² sí abẹ́ agbára.

Yíyí ní tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìsọ̀rí. Gbogbo fọ́múlà rẹ̀ ló ní ìbejì nínú ìrìn tààrà, kí a sì kọ wọ́n sí ìlà kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: v pẹ̀lú ω, m pẹ̀lú I, F = ma pẹ̀lú τ = Iα, mv pẹ̀lú Iω. Lẹ́tà I yẹn ń sọ bí nǹkan ṣe lọ́ra tó láti bẹ̀rẹ̀ sí í yí, gẹ́gẹ́ bí m ṣe ń sọ bí ó ṣe lọ́ra tó láti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé I kò dúró lórí ìwúwo nìkan, ó tún dúró lórí bí ìwúwo náà ṣe jìnnà sí àárín. Réèmù tí gbogbo ìwúwo rẹ̀ wà ní etí ní mr², bọ́ọ̀lù tó ṣù pọ̀ ní ⅖mr².

Nígbà tí pípín bá parí, kí akẹ́kọ̀ọ́ da àwọn pépà ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan kọ sí ojú ìwé. Mi ò lè gba gbogbo ojú ìwé náà kọjá níbí. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan, ojú ìwé agbára, nítorí pé òun ni ó ń tú ìbéèrè tó pọ̀ jù, òun náà sì ni ìbéèrè réèmù wa wà lábẹ́ rẹ̀. Ní òkè rẹ̀, gbólóhùn kan ni kó wà, kì í ṣe fọ́múlà: gbogbo agbára tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ìparí, àfi èyí tí fíríkíṣọ̀n bá gbà lọ tàbí tí ẹnìkan bá ti ìta fi kún un. Lábẹ́ rẹ̀, oríṣi ibi tí agbára lè wà:

```
½mv²      ó ń rìn
½Iω²      ó ń yí
mgh       ó ga, nítòsí ilẹ̀ nìkan
−GMm/r    ó jìnnà sí ilẹ̀
½kx²      sípíríǹgì
fd        fíríkíṣọ̀n gbà á
```

Ẹni tó bá wo ojú ìwé yìí kò ní bi ara rẹ̀ pé "fọ́múlà wo ni mo máa lò?" Ohun tó máa bi ara rẹ̀ ni pé, nínú àwọn ibi mẹ́fà yìí, èwo ni agbára wà ní ìbẹ̀rẹ̀, èwo ni ó wà ní ìparí? Réèmù náà kò rìn ní ìbẹ̀rẹ̀, ó kàn wà lókè, nítorí náà mgh nìkan. Ní ìparí, ó ń rìn, ó sì ń yí. Kò sí bí ojú èèyàn ṣe máa bọ́ sórí ½mv² tí kò ní rí ½Iω² tó jókòó lábẹ́ rẹ̀, ohun tí nóòtì oníṣísẹ̀-n-tẹ̀lé kò lè ṣe fún un nìyẹn. Ó kù ká kọ ọ́: mgh = ½mv² + ½Iω². Nítorí pé réèmù ni, I jẹ́ mr². Nítorí pé ó ń yí láìyọ̀, v jẹ́ rω. Nítorí náà ½Iω² di ½mv² mìíràn, méjèèjì papọ̀ di mv². m pa m rẹ́, v di √(gh), ìyẹn √14, ó sì fún wa ní 3.7 m/s.

Ẹ kíyè sí ohun tó pòórá. Ìwúwo réèmù pòórá, fífẹ̀ rẹ̀ náà pòórá. Réèmù kẹ̀kẹ́ ọmọdé àti ti àgbàlagbà máa dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú eré kan náà. Bọ́ọ̀lù irin tó ṣù máa yára jù wọ́n lọ, √(10gh/7), tó fún wa ní 4.5 m/s, nítorí pé ìwúwo rẹ̀ sún mọ́ àárín, kò fi agbára púpọ̀ ṣòfò lórí yíyí. Èyí tó yára jù ni ohun tó bá ń yọ̀ lọ láìyí rárá lórí ilẹ̀ tí kò ní fíríkíṣọ̀n, òun ló máa ní 5.3 m/s tí àwọn ọmọ wa sọ. Ìdáhùn wọn jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè mìíràn. Fíríkíṣọ̀n wà lábẹ́ réèmù náà o, òun gan-an ló ń mú un yí, ṣùgbọ́n kò gba agbára kankan lọ níwọ̀n ìgbà tí kò bá yọ̀, nítorí náà fd kò wọ inú ìṣirò wa. Gbólóhùn yẹn yẹ kó wà létí fd lórí ojú ìwé náà.

Ní báyìí, v² = u² + 2as ńkọ́, tó wà lábẹ́ ìbéèrè àkọ́kọ́? Ẹ fi ½m sọ ọ́ di púpọ̀ lápá méjèèjì. Ó di ½mv² − ½mu² = mas, ma sì ni F, nítorí náà apá ọ̀tún jẹ́ Fs, iṣẹ́ tí ipá ṣe. Òfin agbára ni láti ìbẹ̀rẹ̀ wá, ó kàn wọ aṣọ mìíràn ni, aṣọ náà sì ba a mu kìkì nígbà tí ipá kò bá yí padà. Mo máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìlà pupa so méjèèjì pọ̀ láti ojú ìwé kan sí èkejì. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ ló ń sọ fún un nígbà tí ó tó láti lo èyí tó kúrú àti nígbà tí ó gbọ́dọ̀ padà sórí òfin.

Àǹfààní mìíràn ni pé ìwé náà máa ń dín kù. Mo ti rí àkójọ tí √(2gh), √(2gR) àti √(2GM/R) wà ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ sì ń há wọn sórí bíi nǹkan mẹ́ta. Kò sí èyí tó yẹ kó wà níbẹ̀. Eré tí nǹkan nílò láti bọ́ lọ́wọ́ ayé wá láti inú ìlà kan: ½mv² − GMm/R = 0, nítorí pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ kò ní agbára kankan tó ṣẹ́kù. Ẹ fi 6.67 × 10⁻¹¹ ṣe G, 5.97 × 10²⁴ kg ṣe ìwúwo ayé, 6.37 × 10⁶ m ṣe ìdajì ìbú rẹ̀, ẹ máa rí nǹkan bíi 11.2 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ìdẹkùn kan wà níhìn-ín tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe irú ìwé yìí mọ̀. Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n béèrè eré tí a máa fi ju nǹkan sókè kí ó lè dé ibi tí gíga rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ìdajì ìbú ayé, R, kó tó padà. Ẹni tí kò kọ "nítòsí ilẹ̀ nìkan" sí ẹ̀gbẹ́ mgh á fi R ṣe h, á rí √(2gR), tó jẹ́ 11.2 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ti rí nọ́ńbà yẹn rí nínú ìwé, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀. Àmọ́ ohun tí a bá jù ní irú eré yẹn kò ní padà mọ́ láéláé! Tí a bá lo −GMm/r, tí a fi R ṣe ìbẹ̀rẹ̀ àti 2R ṣe ìparí, √(gR) ni a máa rí, nǹkan bíi 7.9 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òòfà ilẹ̀ ń dẹ̀ bí a ṣe ń lọ sókè, mgh kò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn ọ̀rọ̀ mẹ́ta létí fọ́múlà ló ya ìdáhùn méjèèjì sọ́tọ̀.

Agbára kọ́ ni ó ń tú gbogbo nǹkan o. Lábẹ́ ìbéèrè kẹta yẹn kan náà, mòméńtọ́ọ̀mù ní ojú ìwé tirẹ̀, ó sì yẹ kí a kọ ìdí tí wọ́n fi yàtọ̀ síra sí òkè ojú ìwé méjèèjì. Tí ọkọ̀ méjì bá kọlu ara wọn tí wọ́n sì lẹ̀ pọ̀, agbára ìrìn wọn dín kù, torí pé irin ti wó, ooru sì ti jáde, ṣùgbọ́n àpapọ̀ mòméńtọ́ọ̀mù wọn kò yí padà lásìkò ìkọlù náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lo ojú ìwé agbára fún irú ìbéèrè yìí ti kùnà kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tí mo máa ń ní kí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé: ǹjẹ́ nǹkan méjì kọlu ara wọn láàárín àkókò kúkúrú? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ibí ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn lẹ́tà inú fọ́múlà náà máa ń fa ìjàǹbá. T jẹ́ àkókò ìyípo kan, ó tún jẹ́ fífà okùn. W jẹ́ iṣẹ́, ó tún jẹ́ ìwúwo. Nínú nóòtì oníṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, ọ̀sẹ̀ tí a wà ló ń sọ èyí tí a ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n tí a bá ti tú nóòtì náà ká, ẹ̀rí yẹn ti lọ. Nítorí náà ẹ kọ yúníìtì sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà tó bá ní ìtumọ̀ méjì, s fún àkókò, N fún okùn.

Báwo ni a ṣe máa mọ̀ pé ìwé náà dára? Ẹ mú ìbéèrè àtẹ̀yìnwá, ẹ bo ìwé náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ orúkọ òfin tó máa tú u kó tó wo ohunkóhun. Bí ó bá dáhùn pé "ti púlì ni" tàbí "ti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni", ohun tí ojú rí ló ṣì ń wò, bí àkójọ rẹ̀ bá tilẹ̀ rẹwà. Bí ó bá sọ òfin tó tọ́ ṣùgbọ́n tí kò rí fọ́múlà rẹ̀ kíákíá, ìwé náà ti kún jù, kí ó yọ èyí tó lè rí fúnra rẹ̀ láti inú òmíràn kúrò.

Ètò yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó máa ń gé fọ́múlà kúrò lára ìtàn bí a ṣe rí i, bẹ́ẹ̀ olùkọ́ kan lè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀rí hàn dípò kí ó ṣírò. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fi gbọ́dọ̀ wà ní igun fọ́múlà kọ̀ọ̀kan, kí ó lè padà síbẹ̀. Ìdánwò àárín sáà náà sábà máa ń dá lórí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, ẹni tó ń múra fún ìyẹn kò tíì ní ìdí láti tú ohunkóhun ká. Àwọn ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn kí ìdánwò ńlá tó dé ni àsìkò rẹ̀. Ìwé náà kò sì gbọ́dọ̀ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò rárá, nítorí pé ìwà jìbìtì ni ìyẹn, ó sì lè lé ọmọ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ máa ń parí ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Ẹ̀yin olùkọ́ físíìsì ní agbègbè wa, láti Èsìẹ́ títí dé Òmù-Àrán, ẹ̀bẹ̀ kékeré ni mo ní fún yín. Nígbà tí ẹ bá kọ fọ́múlà tuntun sójú pátákó, ẹ kọ orúkọ òfin tó ti wá àti ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì dúró kí àwọn ọmọ kọ ọ́ tán kí ẹ tó nù ún.